Bí A Ṣe Ń Díwọ̀n Kúlíǹ Táwà àti Omi Rẹ̀ ní Ìbàdàn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ amúlétutù, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbé sípánà kiri ìlú yìí. Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí kúlíǹ táwà, ìyẹn ẹ̀rọ gíga tí afẹ́fẹ́ ti ń mú omi gbígbóná tutù. Mo bi wọ́n pé apá ibo ni kí n mú, wọ́n ní gbogbo rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò lè tán lónìí. Ohun tí a ó ṣe ni pé a ó mú ilé-iṣẹ́ kan, a ó díwọ̀n táwà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó sì tẹ̀ lé omi rẹ̀ títí a ó fi mọ iye lítà tí yóò máa mu lóòjọ́ àti ọ̀nà tí omi náà ń gbà jáde.

Ilé-iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, àpẹẹrẹ lásán ni. Ẹ jẹ́ ká ní Olúyọ̀lé ló wà, ohun mímu inú ìgò ló ń ṣe, tọ̀sán-tòru ló sì ń ṣiṣẹ́. Ṣílà rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù bíi fìríìjì ńlá, ń fa ooru 1,000 kílówáàtì jáde nínú omi tútù tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Omi kọ́ńdẹ́ńsà, ìyẹn omi tó ń gba apá ibi tí gáàsì ṣílà ti ń tú ooru sílẹ̀ kọjá, ló ń gba ooru yẹn, táwà tó wà lẹ́yìn ilé ló sì ń tú u dà sínú afẹ́fẹ́.

Ẹni tó bá lọ sọ́jà pé òun ń wá táwà 1,000 kílówáàtì fún ṣílà yìí yóò ra èyí tó kéré. Iná tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ inú ṣílà tó ń fún gáàsì pọ̀, ń jẹ kì í ṣègbé. Ooru ló ń dà, inú omi kọ́ńdẹ́ńsà kan náà ló sì ń bọ́ sí. Bí kílówáàtì iná kan bá ń gbé ooru kílówáàtì 5, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tiwa yóò máa jẹ 200. Ẹ fi 200 kún 1,000, ó di 1,200. Ohun tí táwà gbọ́dọ̀ tú dà nìyẹn. Bí ṣílà bá ti gbó, tó ń jẹ iná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹrù táwà náà yóò wúwo sí i.

Ó wá kan afẹ́fẹ́ Ìbàdàn, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ ká dúró díẹ̀.

Nínú táwà, omi gbígbóná ń dà láti òkè, ó ń ṣàn lórí fíìlì, ìyẹn àwọn ike pẹlẹbẹ tí wọ́n tò mọ́ra wọn, fáànù sì ń fa afẹ́fẹ́ gba àárín wọn kọjá. Díẹ̀ nínú omi náà ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́, èyí tó gbẹ yìí ló ń kó ooru èyí tó kù lọ. Iṣẹ́ tí àámù ń ṣe ní yàrá ìyá wa àgbà náà ni. Ẹni tó bá mu omi àámù rí mọ̀ pé nígbà ọyẹ́ ló máa ń tutù jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ọyẹ́ ń jó ni lọ́sàn-án. Nígbà òjò, tí ara ojú ọ̀run tù, omi àámù kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, ó ṣe tán láti gba omi. Afẹ́fẹ́ ìgbà òjò ti yó.

Bí a ṣe ń fi nọ́ńbà sọ ọ́ nìyí. Ẹ mú tẹmọ́mítà méjì, ẹ wé òwú tí ẹ rẹ sómi mọ́ ìdí ọ̀kan, kí ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí méjèèjì dáadáa. Èyí tó gbẹ ń sọ bí ibẹ̀ ṣe gbóná. Èyí tó wé òwú yóò máa lọ sílẹ̀, yóò sì dúró síbì kan. Ibi tó dúró sí ni à ń pè ní wẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀bù. Kò sí táwà kankan tó lè mú omi tutù kọjá ibẹ̀, ì báà tóbi tó ilé alájà mẹ́ta.

Ẹ wo ọ̀sán ọyẹ́ kan tí tẹmọ́mítà gbígbẹ ń ka dígírì 33, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Wẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀bù ọjọ́ yẹn kò ju dígírì 18 lọ. Ẹ wá wo ọ̀sán kan lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tí tẹmọ́mítà ń ka 30 péré, ṣùgbọ́n tí ọ̀rinrin jẹ́ ìdá 72. Wẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀bù ti di 26. Ọjọ́ tí èèyàn ń sọ pé ó gbóná jù ni iṣẹ́ rọrùn jù fún táwà. Nítorí náà, ẹni tó bá wọn afẹ́fẹ́ ní January tó sì fi ra táwà yóò rí ìjà ní April, nígbà tí ooru àti ọ̀rinrin bá pàdé. Fún àpẹẹrẹ wa, 26 ni mo mú. Bí táwà yín bá máa wà ní kọ̀rọ̀ láàárín ògiri méjì, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí jẹnẹrétọ̀ ń tú ooru sí, ẹ fi ìdajì dígírì tàbí dígírì kan lé e, nítorí pé táwà náà yóò máa fa afẹ́fẹ́ tó ti lò tẹ́lẹ̀ padà sínú ara rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ògiri yí táwà ká kí ojú má baà rí i, ẹ gba wọ́n níyànjú kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù oníhò kọ́ ọ, kí ihò náà sì pọ̀.

Àlàfo tó wà láàárín omi tútù tó ń jáde ní ìsàlẹ̀ táwà àti wẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀bù ni à ń pè ní àpúróòṣì. Àlàfo tó wà láàárín omi gbígbóná tó wọlé àti omi tútù tó jáde ni réènjì. Ọ̀pọ̀ ló ń da méjèèjì pọ̀. Ẹrù ooru àti iye omi tí pọ́ńpù ń gbé ló ń pinnu réènjì. Bí táwà ṣe tóbi tó ló ń pinnu àpúróòṣì.

Ẹ jẹ́ ká ní a fẹ́ àpúróòṣì 4. Omi tútù yóò jáde ní dígírì 30. Bí a bá mú réènjì 5, omi yóò padà wá láti kọ́ńdẹ́ńsà ní 35. Kí ló dé tí a kò béèrè fún 28 ká lè fún ṣílà ní omi tó tutù sí i? Ó wuni lóòótọ́, nítorí pé bí omi kọ́ńdẹ́ńsà bá fi dígírì kan lọ sílẹ̀, iná kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ máa ń dín kù ní nǹkan bí ìdá 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí 200 kílówáàtì, kílówáàtì 4 sí 6 nìyẹn, iná ọ̀sán àti òru. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ iye tí a ó fi rà á. Mo fi ìlànà Merkel ṣe ìṣirò rẹ̀, ará Jámánì tó gbé e jáde ní 1925, mo sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti omi wà bákan náà. Láti mú àpúróòṣì wá láti 6 sí 4, iṣẹ́ tí fíìlì gbọ́dọ̀ ṣe di nǹkan bí ìlọ́po kan àti ààbọ̀, ó tilẹ̀ lé díẹ̀. Láti mú un láti 4 sí 2.5, ó tún di nǹkan bí ìlọ́po 1.7 lórí ìyẹn. Bí ẹ ṣe ń sún mọ́ wẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ni owó ń sá lọ. Àwọn tó ń ṣe táwà kì í sábà fọwọ́ sí ìwé pé àpúróòṣì yóò kéré ju 2.8 lọ, wọn kò sì jẹ̀bi. Lójú tèmi, fún ìlú yìí, 4 ni ó dára kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò owó, kí ó wá wo bóyá iná tí yóò dín kù lè san owó táwà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń da àwọn ọmọ iṣẹ́ láàmú. Àpúróòṣì kò dúró lójú kan. Táwà yìí kan náà, pẹ̀lú ẹrù kan náà, ní ọ̀sán ọyẹ́ tí wẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀bù jẹ́ 18, omi rẹ̀ yóò máa jáde ní nǹkan bí 24. Àpúróòṣì ti di 6. Ẹnì kan á sáré wá pé táwà ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ tó tutù kò lè gbé ọ̀rinrin tó ti gbígbóná, àlàfo náà sì ní láti fẹ̀ kí ooru kan náà tó lè jáde. Ọ̀rọ̀ pé ‘táwà wa jẹ́ àpúróòṣì 4’ kò ní ìtumọ̀ bí a kò bá sọ wẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀bù àti ẹrù rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má fi ‘tọ́ọ̀nù’ ra táwà. Tọ́ọ̀nù ṣílà jẹ́ 3.517 kílówáàtì. Tọ́ọ̀nù táwà ti ará Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí 4.4, nítorí wọ́n ti ka ooru kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì wọn táwà náà níbi tí wẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀bù ti jẹ́ 25.6. Ọ̀pọ̀ táwà roboto tó ń wá láti Éṣíà ń lo tọ́ọ̀nù tó jẹ́ nǹkan bí 4.5, wọ́n sì fi 27 wọn ọ́, omi wọlé ní 37, ó jáde ní 32. Ẹ ò rí i pé tọ́ọ̀nù mẹ́ta ni? Ohun tí ẹ ó kọ sínú ìwé ìbéèrè owó ni pé: omi 57 lítà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kó wọlé ní 35, kó jáde ní 30, wẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀bù 26. Ẹni tó bá dáhùn pé òun ní ‘tọ́ọ̀nù 300’ kò tíì dáhùn yín.

Ibo ni 57 yẹn ti wá? Lítà omi kan ń gbé ooru kílójúùlù 4.19 fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú réènjì 5, ó ń gbé nǹkan bí 21. Ẹ pín 1,200 sí 21, ẹ ó rí 57 lítà ní ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn nǹkan bí 206,000 lítà ní wákàtí kan. Páìpù ínǹṣì 8 yóò gbé e láìpariwo. Bí ẹ bá fi ínǹṣì 6 ṣe é, omi yóò máa sáré ju mítà 3 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, ìdènà páìpù yóò sì máa jẹ iná pọ́ńpù. Ní ti pọ́ńpù, ẹ má ka gbogbo gíga ilé mọ́ ọn. Omi tó ń sọ̀ kalẹ̀ ń ran èyí tó ń gòkè lọ́wọ́. Gíga tí pọ́ńpù ń jà mọ́ ni láti ojú omi inú agbada ìsàlẹ̀ táwà dé ibi tí omi ti ń tú jáde lókè, pẹ̀lú ìdènà inú páìpù, fáàfù, asẹ́ àti kọ́ńdẹ́ńsà. Kí agbada sì ga ju pọ́ńpù lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ omi, nítorí ibẹ̀ ni owó ilé-iṣẹ́ ti ń lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni omi ń gbà kúrò nínú táwà. Èyí àkọ́kọ́ ni èyí tó ń gbẹ lọ, òun ló ń ṣiṣẹ́. Kìlógíráàmù omi kan tó bá gbẹ ń kó nǹkan bí 2,430 kílójúùlù lọ. Bí gbogbo ooru 1,200 kílówáàtì bá gba ọ̀nà yìí jáde, omi tó ń gbẹ yóò jẹ́ 0.494 lítà ní ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn 1,780 lítà ní wákàtí. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ó máa ń dín díẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ náà ń gbóná, ó sì ń fi ìgbóná ara rẹ̀ gbé ooru díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń díwọ̀n táǹkì kì í fi díẹ̀ yẹn ṣeré, torí náà 1,780 la ó lò.

Èkejì ni ẹ̀kán omi kéékèèké tí fáànù ń fọ́n jáde. Pẹ̀lú àwo ìdáàbòbò tó dára, kò ju 10 lítà ní wákàtí fún táwà tiwa. Ó kéré fún owó, ṣùgbọ́n kò kéré fún ìlera. Kòkòrò àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lè gun inú ẹ̀kán yẹn rìn, nítorí náà ẹ má gbé táwà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wọ́ọ̀dù tàbí ibi tí ilé ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ dà nù, tí a ń pè ní búlódáùn. Òun ni àwọn ọ̀gá máa ń bínú sí jù, nítorí pé wọ́n ń rí i nínú gọ́tà. Omi tó gbẹ kò gbé iyọ̀ kankan lọ. Kásíọ́ọ̀mù, sílíkà, iyọ̀ ọbẹ̀ àti ohun gbogbo tó bá omi bọ̀ láti inú ilẹ̀ kù sẹ́yìn. Omi àfikún tún ń wọlé, ó tún ń gbé tirẹ̀ bọ̀. Bí a kò bá da nǹkankan nù, omi inú agbada yóò máa nípọn lójoojúmọ́ títí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò fi ní lè yòrò mọ́, yóò sì lẹ̀ mọ́ ibi tó gbóná jù. Ibi tó gbóná jù sì ni inú ọ̀pá kọ́ńdẹ́ńsà.

Bí omi inú táwà bá nípọn ní ìlọ́po C ju omi àfikún lọ, ìlànà rẹ̀ kò le:

```
B = E / (C − 1)
M = E + B
```

E ni omi tó gbẹ, B ni gbogbo omi tó bá iyọ̀ jáde, ìyẹn búlódáùn àti ẹ̀kán fáànù, M sì ni omi àfikún. Ẹ fi 1,780 sí ipò E. Bí C bá jẹ́ 2, a ó máa da 1,780 nù, omi àfikún yóò sì jẹ́ 3,560 lítà ní wákàtí. Lóòjọ́, ó lé ní 85,000 lítà. Bí C bá di 4, omi ìdànù bọ́ sí 593, omi àfikún di 2,373, ìyẹn nǹkan bí 57,000 lítà lóòjọ́. A ti fi 28,000 lítà pamọ́, ó ju táńkà ẹlẹ́gbẹ̀rún-mẹ́wàá-lítà méjì lọ lójúmọ́ kan. Inú ọ̀gá dùn, ó ní kí a sún un dé 6. Omi àfikún di nǹkan bí 51,000. Ohun tí a jèrè lọ́tẹ̀ yìí kò pé 6,000. Ó ní kí a sún un dé 10. Èrè tó kù kò pé 4,000. Omi tó ń gbẹ kò yí padà rárá láti òkè délẹ̀, ó sì ju 42,000 lóòjọ́ lọ. Ìdànù nìkan la lè dín kù, lẹ́yìn 4 tàbí 5, kò sì sí ohun púpọ̀ tó kù láti dín.

Ta ló wá ń pinnu C? Kì í ṣe ọ̀gá, kì í sì í ṣe ẹni tó ta kẹ́míkà. Omi tí ẹ ń bù ni. Omi Ẹlẹ́yẹlé tàbí Aṣẹ́jíre jẹ́ omi orí ilẹ̀, kì í sábà ní ohun líle púpọ̀ nínú. Omi kànga ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ gbójú lé máa ń wá láti inú àlàpà àpáta tó wà lábẹ́ ìlú yìí, ó sì lè kó sílíkà àti ohun tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó. Kànga méjì tó wà ní àdúgbò kan náà lè yàtọ̀ síra, torí náà ẹ má fi àbájáde aládùúgbò yín ṣiṣẹ́. Ẹ gbé omi yín lọ sí láàbù.

Ẹ jẹ́ ká ní láàbù kọ ọ́ fún wa pé sílíkà inú omi kànga wa jẹ́ 40 mílígíráàmù nínú lítà kan. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé kí sílíkà inú táwà má kọjá 150. Ẹ pín 150 sí 40, ẹ ó rí 3.75. Sílíkà ti sọ̀rọ̀ nìyẹn, C wa kò gbọ́dọ̀ dé 4. Ẹ tún ṣe irú ìpín kan náà fún kásíọ́ọ̀mù àti fún kílóráìdì, kí ẹ mú èyí tó kéré jù nínú wọn. Mo ka sílíkà sí ọ̀tá tó burú jù, nítorí pé èépá tirẹ̀ kì í gbọ́ ti ásíìdì tí a fi ń fọ èépá kásíọ́ọ̀mù. Bó bá ti mọ́lẹ̀ nínú ọ̀pá, búrọ́ọ̀ṣì àti làálàá ló kù.

Nítorí náà, fún ilé-iṣẹ́ Olúyọ̀lé yìí, ẹ jẹ́ ká fi C sí 3.5. Omi ìdànù jẹ́ 712 lítà ní wákàtí, omi àfikún jẹ́ nǹkan bí 2,490. Lóòjọ́, nǹkan bí 60,000. Ẹ bi ara yín bóyá kànga yín lè fún yín ní 0.7 lítà ní ìṣẹ́jú àáyá láìdúró, lójoojúmọ́, ní March tí omi ilẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ kànga inú àpáta kò lè ṣe é, tàbí kí ó ṣe é kí ohunkóhun má kù fún ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ àti fífọ ìgò. Nítorí náà, táǹkì tó lè gba omi ọjọ́ kan, ó kéré tán, jẹ́ ara táwà. Kí fáàfù tó ń gba omi wọ agbada, èyí tó ní bọ́ọ̀lù lórí, lè gbà ju 2,490 lọ dáadáa, nítorí pé yóò ní láti lé omi bá lẹ́yìn tí iná bá ti lọ tó sì tún dé.

Báwo la ṣe ń dà á nù? Ẹni tó bá ṣí fáàfù díẹ̀, tó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru, ń da omi ẹrù kíkún nù ní òru tí ẹrù kò tó nǹkan. Ohun tó dára ni mítà tó ń wọn bí omi ṣe ń gbé iná mànàmáná kọjá, nítorí pé bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni iná ṣe ń kọjá tó. Bí omi kànga bá ka 400, ẹ sọ fún mítà náà pé kó ṣí fáàfù nígbà tí omi táwà bá dé 1,400, kó sì tì í lẹ́yìn tó bá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. C yín dúró ní 3.5, ẹrù ì báà pọ̀, ì báà kéré. Kẹ́míkà tó ń pa kòkòrò wà nínú omi yẹn, nítorí náà ibi tí omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ ń lọ ni kí ó lọ, kì í ṣe odò tó ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá.

Ẹ fi mítà omi méjì sí i, ọ̀kan lójú omi tó ń wọlé, ọ̀kan lójú omi ìdànù. Wọn kò wọ́n, wọn yóò sì sọ òótọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ fún yín. Ẹ jẹ́ ká ní èyí tó ń wọlé ka 64,000 lítà lóòjọ́, èyí tó ń jáde ka 14,000. Bí ẹ bá pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 4.6. Ṣùgbọ́n mítà iná inú omi ń sọ pé omi táwà nípọn ní ìlọ́po 3 péré. Àwọn méjèèjì kò lè tọ̀nà. Bí C bá jẹ́ 3 lóòótọ́, ohun tó ń bá iyọ̀ jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ 64,000 tí a pín sí 3, tó jẹ́ nǹkan bí 21,000. Mítà ìdànù rí 14,000. Nǹkan bí 7,000 lítà ń gba ibòmíràn lọ lóòjọ́. Ẹ wo bọ́ọ̀lù fáàfù bóyá ó ti rì tí agbada ń kún jáde, ẹ wo ìdí ọ̀pá pọ́ńpù, ẹ wo bóyá ìgbà tí wọ́n bá pa pọ́ńpù ni omi inú páìpù òkè máa ń ya wálẹ̀ tí agbada kò lè gbà á. Èyí tó kẹ́yìn yìí wọ́pọ̀ níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn tí mo sọ èyí tán, arákùnrin kan tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ kan dìde. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ní ọ̀dọ̀ wa, táńkà la fi ń ra omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀gá ní ká ti fáàfù ìdànù pa títí òjò yóò fi dé. Táwà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n ṣílà ń fò sílẹ̀, ó ń kú fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án. Ṣé gáàsì rẹ̀ ló pọ̀ jù ni?”

Mo bi í pé èló ni omi tó ń jáde láti táwà. Ó ní 29. Mo ní omi tó ń kúrò ní kọ́ńdẹ́ńsà ńkọ́? Ó ní 34. Réènjì jẹ́ 5, omi ń rìn dáadáa, táwà kò ní àléébù. Mo ní ìwọ̀n ooru gáàsì nínú kọ́ńdẹ́ńsà ńkọ́, èyí tí ojú ṣílà ń kọ? Ó wo fóònù rẹ̀ níbi tó ya àwòrán sí, ó ní 40.

Àlàfo kan tún nìyẹn, láàárín gáàsì àti omi tó ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú kọ́ńdẹ́ńsà tó mọ́, kì í sábà ju dígírì 1 sí 2 lọ. Tiwọn jẹ́ 6. Afẹ́fẹ́ tó há sínú gáàsì tàbí gáàsì àpọ̀jù lè fẹ àlàfo náà bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo ní kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n má baà ṣi nǹkan pè. Ṣùgbọ́n mo bi í bóyá ó fẹ̀ lójijì tàbí díẹ̀díẹ̀. Ó ní díẹ̀díẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti ti fáàfù. Èépá ni. Ó ti bo inú ọ̀pá, ooru kò sì rí ọ̀nà gbà. Táwà kò lè fi í hàn, nítorí pé ooru kan náà ló ṣì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó ní kí ni kí òun wá sọ fún ọ̀gá. Mo ní kó mú ìwé, kó kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Mo lo ẹrù àpẹẹrẹ wa nítorí pé tiwọn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí i. Fáàfù tí wọ́n tì pa fi nǹkan bí 17,000 lítà pamọ́ lóòjọ́, kò pé táńkà méjì. Ní ọ̀dọ̀ kejì, gáàsì tó fi dígírì 4 ga ju bó ṣe yẹ lọ ń jẹ́ kí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ jẹ iná tó fi nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Lórí 200 kílówáàtì, 20 nìyẹn. Ní wákàtí 24, ó di 480 yúníìtì iná lójúmọ́. Kó kọ iye owó táńkà méjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó kọ owó 480 yúníìtì sí ẹ̀gbẹ́ kejì, pàápàá bó bá jẹ́ dísù ni wọ́n fi ń ṣe iná náà. Kó má tíì ka owó búrọ́ọ̀ṣì, tàbí ìgò tí kò rí omi tútù ní ọ̀sán tí ṣílà fò sílẹ̀.